Bí iná yàrá kan ṣoṣo bá ń ṣẹ́jú, ẹ fi NEPA sílẹ̀

Wọ́n tún ti sọ ọ́ lórí wọ́ọ̀tsáàpù àdúgbò lálẹ́ àná. Ẹnìkan ní gílóòbù yàrá òun ń ṣẹ́jú, pé bí òun bá ti tan áyọ́ọ̀nù báyìí, yàrá á ṣú díẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ti dá a lóhùn: "NEPA ni o! Iná wọn ò lágbára, lọ ra sítébíláísà." Kò sẹ́ni tó bi í bóyá iná pálọ̀ rẹ̀ náà ń ṣẹ́jú. Ìbéèrè kan péré yẹn ló yẹ kó ṣáájú.

Láti orí òpó, iná á gba inú mítà kọjá, á wọ bọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni yóò ti wá pín sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tó ń ti òpó bọ̀ kò bá tó, gbogbo yàrá ni yóò jọ jìyà rẹ̀. Bí omi táńkì bá lọ sílẹ̀, ṣé ẹ̀rọ ilé ìdáná nìkan ni yóò mọ̀?

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: iná Èkó kò dúró sójú kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí gbogbo àìsàn jẹ́ ibà.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá ẹni yẹn bí àpẹẹrẹ, ká fi mítà tí oníná fi ń wọn fóòtì wọ̀n ọ́n. Áyọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ wáàtì 1000. Kó tó tàn án, bọ́ọ̀dù ka fóòtì 223, sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá náà ka 223. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ á ní kò sí ìṣòro. Ó wá tan áyọ́ọ̀nù: bọ́ọ̀dù ka 221, sọ́kẹ́ẹ̀tì ka 189. NEPA gbé 221 dé ẹnu ọ̀nà, fóòtì 32 sì sọnù kí iná tó dé yàrá. Wáyà 2.5 tó dára, tí kò gùn ju mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, kò yẹ kó jẹ ju fóòtì kan tàbí méjì lọ lórí áyọ́ọ̀nù kan.

Fóòtì 32 náà kò fò lọ. Ooru ló dà. Áyọ́ọ̀nù ń fa bíi áńpù 3.6, ẹ fi 32 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí bíi wáàtì 115. Ìyẹn ju gílóòbù ọlọ́gọ́rùn-ún wáàtì àtijọ́ lọ, ojúkò kan tí kò tó èékánná, nínú ike tàbí lórí pákó àjà, ló sì ti ń jó. Ibẹ̀ ni wáyà ti dẹ̀: síkúrù tí wọn kò dì dáadáa, tàbí wáyà méjì tí wọ́n kàn fọwọ́ lọ́ pọ̀ tí wọ́n fi téèpù wé. Bó bá gbóná á fẹ̀, bó bá tutù á sún kì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa dẹ̀ sí i.

Ẹ má sọ fún mi pé bíréékà ì bá ti já. Áńpù tó ń kọjá nìkan ni bíréékà ń wò. Lójú bíréékà áńpù 20, áńpù 3.6 kò tó nǹkan, ilé lè jóná kó má mira. Tẹ́sítà náà á purọ́ fún yín: iná tín-ínrín ló nílò kó tó tàn, wáyà tó dẹ̀ sì lè gbé ìyẹn kọjá láìní wàhálà. Ìgbà tí nǹkan tó wúwo bá ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ nìkan ni àrùn náà máa ń fara hàn.

Sítébíláísà wá ńkọ́? Bí fóòtì tó ń wọlé bá lọ sílẹ̀, ńṣe ló máa fa áńpù sí i kó lè gbé e sókè. Áńpù yẹn kan náà ló sì ń gba ojú wáyà tó ti dẹ̀ kọjá. Owó yín lọ, ooru ibẹ̀ pọ̀ sí i.

Bí ẹ ṣe máa wá ibẹ̀ nìyí. Bó bá jẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú, ẹ gbé e lọ sí yàrá mìíràn. Bó bá ṣẹ́jú níbẹ̀ náà, ẹ ju gílóòbù nù. Bí gílóòbù bá ń ṣú nígbà tí ẹ tan áyọ́ọ̀nù nínú yàrá kan náà, á jẹ́ pé àwọn méjèèjì ń jẹ lórí wáyà kan, bó ṣe sábà máa ń rí ní àwọn ilé àtijọ́ ní Muṣin àti Ṣómólú. Nígbà náà, ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, bí kò ṣe ibi tí ó ṣáájú àwọn méjèèjì: ẹnu bíréékà yàrá yẹn, tàbí ibi tí wọ́n ti so wáyà lókè àjà. Bó bá jẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan, ẹ fọwọ́ kan ojú rẹ̀ lẹ́yìn tí áyọ́ọ̀nù bá ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá gbóná, bí ike rẹ̀ bá ti pọ́n, tàbí tó ń rùn bí ẹja, ẹ ti rí i. Kí oníná pa bíréékà, kó gé bàbà tó ti dúdú kúrò títí yóò fi dé ibi tó ń dán, kó sì pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì pátápátá. Irin tó ti jó inú rẹ̀ kò ní di nǹkan mú mọ́.

Bó bá jẹ́ gbogbo ilé ni, ẹ bi aládùúgbò, ṣùgbọ́n ẹ má bi ẹnìkan ṣoṣo. Féèsì rẹ̀ lè yàtọ̀ sí tiyín. Ẹ bi mẹ́ta. Bó bá jẹ́ ti gbogbo wọn ló ń ṣẹ́jú, ẹ lè bú NEPA. Bó bá jẹ́ ilé yín nìkan, ẹ wo ṣéńjófà àti wáyà tó ti òpó wá. Bí ṣíṣẹ́jú iná náà bá ń pọ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ tàbí òjò ń rọ̀, orí òpó ni, níbi tí wọ́n ti lọ́ wáyà alumíníọ́mù mọ́ bàbà. Ní etí òkun, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ máa ń tètè jẹ irú ojú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀. Òpó àti ìdí mítà kì í ṣe ti oníná àdúgbò. Ẹ pe ilé iṣẹ́ iná.

Mo gbà, ọ̀nà kan wà tí yàrá kan lè fi jìyà ẹ̀bi òpó: ilé tó ń lo féèsì mẹ́ta, tí yàrá yẹn nìkan wà lórí féèsì tó ń ṣàárẹ̀. Bí ẹ bá ti ń yọ fúúsì láti féèsì kan sí òmíràn, ẹ ti mọ ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ní irú ilé onífésì mẹ́ta yẹn, ẹ ṣọ́ àmì kan: kí yàrá kan ṣú, kí òmíràn mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Níútírà, wáyà tí iná ń gbà padà sí òpó, ló ti já tàbí tó ti dẹ̀. Fóòtì 415 tó wà láàárín féèsì méjì ni àwọn yàrá yẹn wá ń pín mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bí áyọ́ọ̀nù wáàtì 1000 bá wà lórí ọ̀kan, tí gílóòbù wáàtì 100 nìkan wà lórí èkejì, áyọ́ọ̀nù á rí bíi fóòtì 38, gílóòbù á rí bíi 377. Ẹni tó ń lo nǹkan díẹ̀ ni nǹkan rẹ̀ máa jó: tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì, ṣájà fóònù. Ẹ má dúró wá oníná kí ẹ tó pa bíréékà ńlá. Ẹ pa á ná.