Wọ́n ti pa ríákítọ̀, ṣùgbọ́n ooru inú ẹ̀ ò gbọ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí kó kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀gbọ́n kan ń wo fídíò ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì Fukuṣíma ní Japan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lánàá, wọ́n dé ibi tí ilé ríákítọ̀ kìíní ti bú gbàmù, wọ́n wá ní, "Ṣebí wọ́n ti pa á kí omi òkun tó dé? Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ni ò mọṣẹ́." Inú bí mi gan-an, torí ọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn ń sọ nìyẹn, bíi pé gílóòbù ni wọ́n pa.

Òótọ́ ni, wọ́n ti pa á. Lọ́jọ́ 11 oṣù kẹta 2011, ilẹ̀ mì ní aago 2:46 ọ̀sán, ríákítọ̀ fúnra ẹ̀ sì ti àwọn ọ̀pá ìdádúró wọlé, yuréníọ́mù inú ẹ̀ tó ń mú ooru wá bó ṣe ń pín ò pín mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn èérún tí yuréníọ́mù ti pín sí látẹ̀yìn wá, bí áyódíìnì àti sísíọ́mù, ṣì wà nínú ẹ̀, ara wọn ò balẹ̀, wọ́n ń tú ìtànṣán jáde, ìtànṣán yẹn ló ń di ooru. Kò sí bọ́tìnnì tó ń pa ìyẹn. Àwọn kan nínú wọn á parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá, àwọn kan á lo ọjọ́, àwọn kan á lo ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí nìyẹn tí ooru ọ̀hún fi ń yára wálẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, tó wá ń fà nílẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ríákítọ̀ kìíní yẹn, mẹ́gáwáàtì 1,380 ni ooru ẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí wọ́n ṣe pa á, ó ku bíi 90. Lẹ́yìn wákàtí kan ó ku bíi 20. Lẹ́yìn ọjọ́ kan gbáko, bíi 7 ṣì wà ńbẹ̀, ìyẹn ni pé kẹ́tù oníná 3,500 ń hó pa pọ̀ nínú ìkòkò irin kan tí wọ́n dé pa! Kí 7 yẹn má baà jo ohun tó wà nínú ẹ̀, omi tútù bíi tọ́ọ̀nù 10 ló gbọ́dọ̀ máa wọlé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan máa ń fi wé ẹ̀yinná abẹ́ eérú, ṣùgbọ́n ẹ̀yinná tẹ́ ẹ bá da omi sí á kú. Eléyìí ò ní kú, omi kàn ń gbé ooru ẹ̀ lọ ni, tómi bá sì dáwọ́ dúró, ooru á tún gùn.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ríákítọ̀ kìíní ní ẹ̀rọ kan lókè tó ń sọ oru omi inú ẹ̀ di omi padà láìlo páńpù. Ríákítọ̀ wá ń yára tutù ju bó ṣe yẹ lọ, ni wọ́n bá ń ti ẹ̀rọ ọ̀hún, wọ́n ń ṣí i, bí ìlànà ṣe wí. Ìgbà tí wọ́n tì í ni sunámì, omi òkun tó ru sókè yẹn, dé, ó rì jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì, iná pátákó ìṣàkóso kú, wọn ò rí i mọ́ bóyá ẹ̀rọ yẹn ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́. Lálẹ́, nígbà tí wọ́n rí bátìrì so mọ́ ọn, gééjì tó ń wọn omi ní omi ṣì bo yuréníọ́mù. Irọ́ ni gééjì ń pa! Ìtànṣán tó ń ga sókè nínú ilé ọ̀hún ló sọ òótọ́: ohun tó wà nínú ríákítọ̀ ti ń yọ́. Irin sìkóníọ́mù tó bo yuréníọ́mù ti gbóná débi tó ń bá oru omi jà, háídírójìn ń jáde, òun ló bú lọ́jọ́ kejì.

Ríákítọ̀ mẹ́rin tó wà ní Fukuṣíma Dáíní, ilé iṣẹ́ iná kejì, ńkọ́, bíi kìlómítà 12 síbẹ̀? Sunámì kan náà lù wọ́n. Okùn iná kan ṣoṣo láti ìta ló kù fún wọn, èèyàn bíi 200 wá fi ọwọ́ fa wáyà kìlómítà 9 kí páńpù lè ṣiṣẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 15, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti tutù. Ṣé àwọn wọ̀nyẹn mọṣẹ́ ju àwọn tọ̀hún lọ ni? Iná ni wọ́n ní!

Mo sọ gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá bi mí pé, "Ọjọ́ mélòó wá ni èèyàn lè fi í sílẹ̀ lọ?" Mo ní ooru á kéré lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, pé yuréníọ́mù tí wọ́n lò tán á tún máa wà nínú adágún omi fún bí ọdún márùn-ún. Wọ́n ní, "Ta ló ń ṣọ́ omi yẹn tógun bá dé?" Zaporísíà, ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì tó wà lójú ogun ní Yukréènì, ló wá sí mi lọ́kàn. Wọ́n ti pa gbogbo ríákítọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà níbẹ̀, ooru wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an sí tọjọ́ àkọ́kọ́, síbẹ̀ èèyàn ṣì ń wá iná àti omi fún wọn. Mi ò rí ohun tí mo lè dá wọn lóhùn.