Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ àti Kànga Ẹ̀yìn Ilé

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, a di odidi. N kò ní láti túmọ̀ ìyẹn fún ọmọ Yorùbá: ẹni tó sọ̀rọ̀ fi díẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó gbọ́ fi ìyókù kún un. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn kan ti sọ òwe yìí di ihò tí wọ́n ń sá sí. Wọ́n á sọ àbọ̀, wọ́n á máa wò ọ́ bí o ṣe ń kó odidi jọ, wọ́n sì mọ̀ dájú pé odidi tí ò ń kó jọ yẹn kì í ṣe òótọ́. Lọ́jọ́ tí àṣírí bá tú, wọ́n á lanu, wọ́n á ní, "Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?"

Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀! Ọ̀rọ̀ yẹn ti pọ̀ jù lẹ́nu wa. Ìyá á bi ọmọ bóyá ó ti san owó ilé ìwé, ọmọ á ní, "Mo dé báńkì láàárọ̀." Ó dé báńkì lóòótọ́, àmọ́ owó ló lọ gbà níbẹ̀, kò san kọ́bọ̀. Ẹ bi ìyá ẹlẹ́wà bóyá ẹ̀wà rẹ̀ máa ń tètè jinná, ó ní, "Ẹ ò rí i pé àwọn tó rà á lánàá ti padà wá láàárọ̀ yìí?" Wọ́n padà wá, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wá dá ẹ̀wà padà ni.

Ti ẹ̀wà ṣì kéré. Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti àbúrò mi obìnrin wá ilé kiri ní Ìbàdàn. Ejẹ́ńtì mú wa dé ilé kan tó wù wá, yàrá méjì pẹ̀lú kíṣíìnì, atẹ́gùn ń wọlé láti ojú fèrèsé méjèèjì. Nígbà tí a jáde sí ẹ̀yìnkùlé, àbúrò mi bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé omi ò ní dà wá láàmú níbí?" Ejẹ́ńtì na ọwọ́, ó ní, "Kànga nìyẹn lẹ́yìn ilé." A wò ó. Wọ́n fi símẹ́ńtì mọ ẹnu rẹ̀ dáadáa, wọ́n fi páànù bò ó, wọ́n gbé òkúta lé páànù. Ọkàn wa balẹ̀, a san owó ọdún kan.

Ọjọ́ tí àbúrò mi kó dé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkúta yẹn kúrò. Ó ju ike ìfami sísàlẹ̀, ike náà ró gbàǹgbà lórí àpáta, ó sì fà á sókè pẹ̀lú ewé gbígbẹ nínú. Aládùúgbò kan tó ń sá aṣọ ló sọ fún un pé ó ti lé lọ́dún méjì tí omi ti tán níbẹ̀. Mo pe ejẹ́ńtì. Ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. "Alàgbà, kànga ni mo fi hàn yín," ló wí. "Ṣé mo sọ pé omi wà nínú rẹ̀ ni?"

Kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ronú padà sórí gbogbo ohun tó sọ lọ́jọ́ náà, n kò rí irọ́ kan níbẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n gbà pé àwa la gò.

Àmọ́ àwa kọ́ la gò. Onímọ̀ èrò kan wà, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń jẹ́ Paul Grice. Ní 1967 ó ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà lórí irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an, wọ́n sì tẹ apá tó jẹ mọ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ jáde ní 1975. Ó ní bí ẹni méjì bá ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àdéhùn kan ti wà láàárín wọn tí ẹnikẹ́ni kò fẹnu dá: kálukú á mú ohun tó yẹ wá sídìí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ó fi ọ̀nà mẹ́rin ṣàlàyé rẹ̀. Sọ ìwọ̀n tó tó, má ṣe kéré jù, má ṣe pọ̀ jù. Má sọ ohun tí o mọ̀ pé irọ́ ni. Má yà kúrò lórí ọ̀rọ̀. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ yéni. Àwọn àgbà wa á ní àwọn ti mọ èyí kí wọ́n tó bí Grice, n kò sì ní bá wọn jiyàn, àmọ́ ọ̀nà tó gbà ṣe ìṣirò rẹ̀ ló wúlò fún ẹni tí ejẹ́ńtì ti rẹ́ jẹ.

Ẹ wò ó báyìí. Àbúrò mi bèèrè omi, ejẹ́ńtì fi kànga dá a lóhùn. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu, kò dáhùn ìbéèrè, torí kànga kì í ṣe omi. Ẹni tó gbọ́ ọ lè rò pé ọkùnrin náà ti yà kúrò lórí ọ̀rọ̀, tàbí kó gbà pé ó ṣì wà lórí rẹ̀. Kò sí ohunkóhun tó fi hàn pé ó yà. A bi í, ó wojú wa, ó dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tó bá wà lórí ọ̀rọ̀, kí ló da kànga pọ̀ mọ́ ìbéèrè omi? Ohun kan péré ni: pé omi wà nínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé ibi tí a máa já sí nìyẹn, ó rí i tí a já síbẹ̀, kò sì dá wa dúró. Ìṣirò yìí máa ń yára débi pé ẹni tó ń ṣe é kì í mọ̀ pé òun ń ṣe é. Nítorí náà, omi tí a rí nínú kànga yẹn lọ́jọ́ náà, ejẹ́ńtì ló dà á síbẹ̀. Àwa kọ́.

Grice tún fi àmì kan lélẹ̀ tí a fi ń mọ ohun tí ẹnu sọ yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀rọ̀ kàn fà wá. Ohun tí ọ̀rọ̀ kàn fà wá ṣeé fà padà láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ takora. Tí mo bá ní, "Omi wà nínú kànga yìí, àmọ́ kò sí omi níbẹ̀," ẹ ó ní orí mi dàrú. Àmọ́ tí mo bá ní, "Kànga nìyẹn lẹ́yìn ilé, àmọ́ ó ti gbẹ," kò sí wàhálà níbẹ̀. Bákan náà ni ti ẹni tó ní, "Díẹ̀ nínú àwọn ayálégbé ti sanwó." Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló máa rò pé àwọn kan ṣì jẹ gbèsè, torí ká ní gbogbo wọn ti san ni, ó yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó lè fi kún un pé, "Kódà, gbogbo wọn ló ti san," ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ní já.

Àmì yìí ni ejẹ́ńtì ń fi ṣe asà. Ó ní torí pé ọ̀rọ̀ òun ṣeé fà padà, òun kò sọ ọ́. Èmi sì ní torí pé ó ṣeé fà padà, ó yẹ kó fà á padà! "Àmọ́ ó ti gbẹ": ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló há lẹ́nu rẹ̀ tí àbúrò mi fi ń ra omi kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mẹ́ruwà láràárọ̀.

Ẹni tó bá rò pé adájọ́ á máa gba irú wa nígbà gbogbo, kó gbọ́ ti Samuel Bronston. Onífíìmù ni, ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ wọ gbèsè, ní 1966 wọ́n fi í búra, wọ́n sì ń bi í léèrè nípa owó. Lọ́yà bi í bóyá ó ní àkáǹtì ní báńkì ilẹ̀ Siwisáláńdì. Ó ní rárá. Lọ́yà ní, ṣé o ti ní in rí? Ó dáhùn pé ilé iṣẹ́ náà ní àkáǹtì kan níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ní ìlú Súríìkì. Lọ́yà gba ìyẹn, ó kọjá sórí ọ̀rọ̀ míì. Òtítọ́ tó wà nílẹ̀ ni pé Bronston fúnra rẹ̀ ti ní àkáǹtì ní Jẹ̀nífà, ní Siwisáláńdì kan náà, fún ọdún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé márùn-ún. Wọ́n dá a lẹ́bi ìbúra èké. Ẹjọ́ náà gun òkè títí dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, ní 1973 gbogbo àwọn adájọ́ ibẹ̀ sì fẹnu kò láti dá a sílẹ̀. Wọ́n gbà pé nínú ìtàkùrọ̀sọ lásán, ẹni tó gbọ́ irú èsì bẹ́ẹ̀ lè rò pé kò ní àkáǹtì tara rẹ̀ rí. Àmọ́ wọ́n ní ohun tí ẹnu sọ ni òfin ìbúra èké ń bá wí, ohun tí ẹnu sọ sì jẹ́ òótọ́. Lọ́yà ló yẹ kó rí i pé ìbéèrè òun kò tíì rí èsì, kó sì tún un bi.

Èyí dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa rẹ̀, àmọ́ mo ti rí ọgbọ́n inú rẹ̀. Inú kóòtù kì í ṣe ojúde baba ẹnikẹ́ni. Ẹni tó wà lórí ìjókòó ẹlẹ́rìí kò wá ràn ọ́ lọ́wọ́, ó wá gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ni, àdéhùn Grice ti já níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Ibi tí àdéhùn bá ti já, má fi ẹnu ara rẹ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì.

Ìyẹn ló mú mi yíjú sí àwa tí à ń gbọ́. Bí ẹni ń pòwe là ń lu àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. À ń fi gbogbo ẹnu sọ ọ́, àmọ́ etí wa ti di. Nílé, níbi tó yẹ ká ti máa gbọ́ àbọ̀, a kì í gbọ́ ọ. Ìyá ní, "Ilẹ̀ mà ti ń ṣú o," àlejò rọra nà sórí àga, ó ní iná kúkú wà. Aya ní òjò fẹ́ rọ̀, aṣọ wà níta, ọkọ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ṣú," ó sì ń wo tẹlifíṣọ̀n lọ. Nígbà tó bá wá di ti owó, níwájú àjèjì tó fẹ́ tajà fún wa, ìgbà yẹn gan-an la máa ń di ọmọlúàbí, a ó máa kún ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú ń tì wá láti tún bèèrè. A rò pé ẹni tó bá bèèrè lẹ́ẹ̀mejì kò ní ẹ̀kọ́. Ta ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀? Tí o bá bèèrè omi tí wọ́n fi kànga dá ọ lóhùn, o kò tíì gbọ́ èsì. Sọ odidi tó wà nínú rẹ síta: "Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé omi wà nínú rẹ̀ lónìí, àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?" Ẹni tó fẹ́ rẹ́ ọ jẹ á wá ní láti purọ́ gidi, ọ̀pọ̀ irú wọn kò sì láyà tó bẹ́ẹ̀.

Mo lọ kí àbúrò mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ejẹ́ńtì yẹn wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi yàrá tó ṣófo ní apá kejì ilé han obìnrin kan tó pọn ọmọ. Mo gbọ́ tí obìnrin náà bèèrè omi, mo sì rí ọwọ́ tó nà jáde. Mo wọlé, mo gbé ike ìfami àbúrò mi pẹ̀lú okùn rẹ̀, mo gbé e fún obìnrin náà. Mo ní, "Ìyá ọmọ, ẹ ní kó bá yín fa omi díẹ̀ kí ẹ fi fọ ọwọ́."