Ọjọ́ tí agbẹ̀bí fojú dá kì í ṣe ọjọ́ ìlérí

Láti àná ni inú ti ń bí mi. Ìyàwó àbúrò mi gbé lẹ́tà kọnjé ìbímọ rẹ̀ wá láti Kétu, pé kí n bá òun wò ó kí òun tó mú un fún ọ̀gá òun. Mo kà á dé ìlà kẹta, ọkàn mi já. Ó kọ ọjọ́ tí òun yóò padà sẹ́nu iṣẹ́, ó tún fa ìlà sí i nídìí. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fọwọ́ ara mi kọ fún àbúrò mi obìnrin níbí ní Àjàṣẹ́, ohun tó sì tìdí rẹ̀ yọ kò tíì tán lára mi.

Àbúrò mi yẹn ń ṣe ìwé ọjà fún ilé ìtajà kan tó ń ta sìmẹ́ńtì àti irin. Ọjọ́ 5 oṣù kìíní ni nǹkan oṣù rẹ̀ ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀. Agbẹ̀bí ka ọjọ́ 280 láti ibẹ̀, ó bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá. Òfin iṣẹ́ wa ní Bẹ̀nẹ́, ti 1998, fún aboyún ní ọ̀sẹ̀ 14: mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n fojú dá, mẹ́jọ lẹ́yìn ìbímọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ ọ́ pé kọnjé bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, pé yóò padà ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá. A kọ orúkọ ẹni tí yóò máa di ìwé ọjà mú. A kọ wákàtí kan lóòjọ́ tí yóò fi máa fọ́mọ lọ́yàn tó bá padà, èyí tí òfin fún un fún oṣù 15. Wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiwa. Mo rò pé a ti ṣe é pé.

Ọjọ́ 12 dé, ó kọjá. Ọjọ́ 21 ló bí. Àṣé oṣù tirẹ̀ máa ń gùn tó ọjọ́ 35, bẹ́ẹ̀ ẹni tí oṣù rẹ̀ ń pé ọjọ́ 28 ni ìṣirò ọjọ́ 280 yẹn wà fún. Ká ní ẹnìkan bi í léèrè ni, ọjọ́ 19 ni wọn ì bá kọ fún un. Ẹkógíráfì tí wọ́n bá ṣe láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ì bá sì fi hàn wá, ṣùgbọ́n oyún ti lé ní oṣù márùn-ún kó tó ṣe tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti ọjọ́ 21 jẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kejìlá. Ní ọjọ́ 8, wọ́n pè é: "Ìwọ lo fọwọ́ sí i pé ọjọ́ 7." Wọ́n yọ owó ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú owó oṣù rẹ̀. Àwọn kan á ní ọ̀gá náà ní iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àdéhùn àgbáyé 183 lórí ààbò aboyún, tí Bẹ̀nẹ́ fọwọ́ sí ní 2012, sọ ọ́ kedere pé tí ọmọ bá pẹ́, ìdúró ṣáájú ìbímọ ló ń gùn sí i, a kì í gé e lára ìsinmi dandan ẹ̀yìn ìbímọ. Ọmọ ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta ló ní kó gbé sílẹ̀! Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé orí tẹlifóònù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ló ti sọ pé òun ti bí. Kò sí lẹ́tà kejì tó bá ìwé ìbí ọmọ lọ, èmi ni ò sì rán an létí.

Nítorí náà mo fagi lé ìlà ìyàwó àbúrò mi. Mo kọ ọ́ pé òun yóò padà nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá pé láti ọjọ́ tí òun bá bí, àti pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí òun bá bí, òun yóò fi ìwé ìbí ọmọ ránṣẹ́ pẹ̀lú ọjọ́ náà gan-an. Ó kà á, ó dákẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọbìnrin kan ni wọ́n fẹ́ gbà sípò mi. Tí mi ò bá sọ ọjọ́ tí yóò kúrò, ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní í kúrò mọ́."

Mi ò rí èsì fún un. A tún fi ọjọ́ náà padà, a wá kọ "tí mo bá bí ní ọjọ́ tí wọ́n fojú dá" síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ojú ọ̀gá yóò kọ́kọ́ lọ. Lẹ́tà náà ṣì wà lórí tábìlì mi, a ò tíì fọwọ́ sí i.