Títún gbólóhùn aláṣìṣe ṣe kò sọ pé ọmọ ti mọ òfin

Ní Sátidé tó kọjá, ìyá ọmọ kan tún dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì: "Tíṣà, ọmọ mi gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá níbi àtúnṣe àṣìṣe o. Ó ti mọ ìyísódì nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ní Yorùbá, kò sì sí sáà kan tí n kì í gbọ́ ọ.

Ẹ wo ìdánrawò náà fúnra rẹ̀. Wọ́n kọ "Ìyísódì" gàdàgbà sókè, gbólóhùn mẹ́wàá tẹ̀ lé e, kò sí èyí tí wọn kò ti àṣìṣe bọ̀: "Mo kò rí i", "Ó kò wá". Ọmọ á sọ "Mo" di "N", á pa "Ó" rẹ́, ó parí. Kò tilẹ̀ nílò kó mọ ohun tí gbólóhùn ń sọ. Ìwé ti fi ìka tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Mo fún ọmọ yẹn kan náà ní gbólóhùn mẹ́fà tó so pọ̀ mọ́ra, láìsí àkòrí, méjì péré ló ní àṣìṣe. Ó rí "Mo kò" tó wà níbẹ̀rẹ̀. "Kò lọ sí pápá nítorí pé ó kò ní bàtà" ní tirẹ̀ kọjá lójú rẹ̀, torí pé àárín gbólóhùn ni àṣìṣe sá sí. Èyí tó dùn mí jù ni "O kò jẹun láàárọ̀, àbí?" Kò sí àléébù kankan lára rẹ̀: ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ni "O", kò ní àmì lórí, "Ó" olóhùn òkè nìkan ló ń pòórá níwájú "kò". Ọmọ fa "O" yọ, ó ku "Kò jẹun láàárọ̀, àbí?" Ẹni tí à ń bi léèrè ti di ẹlòmíràn. Ó ba gbólóhùn tó dára jẹ́, pẹ̀lú òfin tí wọ́n ní ó ti mọ̀.

Kò pẹ́ sí i, ó sáré wá fẹjọ́ sùn: "Ó kò fún mi ní bọ́ọ̀lù!"

Stephen Krashen, onímọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń kọ́ èdè, ti kọ ọ́ ní ọdún 1982: òfin tí a kọ́ sórí kì í ṣiṣẹ́ àyàfi bí ẹni náà bá ní àkókò, tó ń fọkàn sí bí gbólóhùn ṣe rí, tó sì mọ òfin náà. Ìdánrawò ń pèsè méjì àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí inú ń bí nítorí bọ́ọ̀lù kò ní wọn.

Àwọn kan ní irú ìdánrawò yìí rọrùn láti máàkì. Ìyẹn ò kan ọmọ. Mo gbà pé ó lè la ojú rẹ̀ díẹ̀ sí àṣìṣe, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní kíláàsì mi báyìí, mo máa ń da gbólóhùn tó dára pọ̀ mọ́ èyí tó wọ́, n kì í sì í sọ iye tó wọ́. Bí ọmọ bá fa nǹkan yọ, mo máa ń bi í pé, "Ta ni kò jẹun?" Ẹni tí kò bá lè dá mi lóhùn, n kì í fún un ní máàkì.