Yíyí nọ́ńbà padà nìkan kò sọ ìbéèrè àtijọ́ di tuntun

Olùkọ́ kan tí a jọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì ní Mọ́kọ́lá tún sọ ọ́ sí mi létí lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe wàhálà sí? Ẹ mú ìbéèrè àtijọ́, ẹ yí nọ́ńbà inú rẹ̀ padà, ó ti di tuntun nìyẹn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò kúkú yàtọ̀." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ibi yòówù kí n yà sí n'Ìbàdàn tí wọ́n ti ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún Wáẹ̀kì, mi ò ní pẹ́ gbọ́ ọ, àwọn ọmọ ló sì ń jìyà rẹ̀. Kì í ṣe òótọ́. Ìṣirò kan ṣoṣo tó láti fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìbéèrè yìí, irú èyí tí gbogbo ẹni tó bá ti ṣe kuadirátíìkì mọ̀ dáadáa:

Ìyá oníṣòwò kan fi ₦4,800 ra ọṣẹ. Ká ní wọ́n fi ₦40 dín owó ọṣẹ kọ̀ọ̀kan kù fún un ni, owó yìí kan náà ì bá ra ọṣẹ 10 sí i. Ọṣẹ mélòó ló rà?

Ìdáhùn rẹ̀ ni 30. Ó ra ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦160. Ká ní ₦120 ni wọ́n ń tà á, ì bá rí 40 rà. Gbogbo rẹ̀ ṣe rẹ́gí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe bí wọ́n ṣe ní ká ṣe. Ká sọ ₦4,800 di ₦5,000, ká sọ ₦40 di ₦50, ká sì fi 10 sílẹ̀ bó ṣe wà. Nọ́ńbà tó dán mọ́rán ni wọ́n, ìbéèrè náà sì dùn ún kà. Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá jókòó tì í, ohun tó máa bá pàdé nìyí:

x² + 10x − 1000 = 0

Ọmọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á wá nọ́ńbà méjì tó jẹ́ pé tí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, 1000 ni wọ́n máa jẹ́, tí ọ̀kan sì fi 10 ju èkejì lọ. Á gbìyànjú 20 àti 50, kò ní bá a mu. Á gbìyànjú 25 àti 40, kò ní bá a mu. Kò sí i rárá. Tó bá wá sá lọ sọ́dọ̀ fọ́múlá, 4100 ló máa wá gbòǹgbò rẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ ìṣirò máa gbé jáde sì ni 64.03. Lẹ́yìn náà ni x á wá jẹ́ 27.02. Ta ló ń ra ọṣẹ 27.02 ní ọjà Bódìjà?

Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé 27.02 sún mọ́ 27 ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ á gé e, á kọ 27, olùkọ́ tí kò ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀ á sì fún un ní máàkì. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ẹ bá pín ₦5,000 sí 27, ₦185.19 ni. Tí ẹ bá pín in sí 37, ₦135.14 ni. ₦50.05 ló wà láàárín méjèèjì, ₦50 sì ni ìbéèrè sọ. Ìbéèrè náà kò ní ìdáhùn. Ọṣẹ kankan kò sí láyé tó lè mú àwọn nọ́ńbà yẹn ṣẹ.

Mo ti fojú rí ohun tí irú ìbéèrè yìí ń fà. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú yìí pè mí pé kí n bá wọn máàkì ìdánwò àṣewò wọn. Àwọn ọmọ tó mọ ìṣirò jù nínú kíláàsì náà ló ṣe ìbéèrè yìí dànù jù. Wọ́n rí i pé kò pín, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún pa á rẹ́, títí tí àkókò fi lọ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn tí kò bìkítà kọ nọ́ńbà kan síbẹ̀, wọ́n ṣí ìwé sí ojú ewé kejì. Inú bí mi gidigidi lọ́jọ́ náà, nítorí ẹni tó mọ̀ ni ìbéèrè náà ń fìyà jẹ.

Kí ló wá dé tí ìbéèrè àtijọ́ fi ṣe rẹ́gí? Ìdáhùn ni ẹni tó kọ ọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti mọ̀ pé 30 ni òun fẹ́ kó tó mọ iye owó tí ìyá náà máa mú lọ sọ́jà. Ẹ jẹ́ ká pe iye tí ó rà ní x, ká pe àlékún rẹ̀ ní k, ká pe ẹ̀dínwó orí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní d, ká sì pe gbogbo owó ní T. Ohun tí ìbéèrè ń sọ nìyí:

T/x − T/(x + k) = d

Tí ẹ bá tú u, ẹ máa rí èyí:

T = d × x × (x + k) ÷ k

Ẹ tẹjú mọ́ ọn dáadáa, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà nínú ìbéèrè yìí, ẹ̀yin lè fọwọ́ ara yín mú mẹ́ta péré. Ẹ̀kẹrin, ìyẹn gbogbo owó, kò sí lọ́wọ́ yín mọ́. Àwọn mẹ́ta yòókù ló máa sọ iye tó jẹ́. Ẹni tó bá fọwọ́ mú T, ó mú d, ó tún mú k, ti ju x sọ́wọ́ kádàrá nìyẹn, ìgbà díẹ̀ sì ni kádàrá máa ń gbé nọ́ńbà odidi wá. Ohun kan tún wà níbẹ̀. Owó ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ẹ̀dínwó jẹ́ d × x ÷ k. Kí owó yẹn má bàa ní kọ́bọ̀ jágbajàgba lẹ́yìn, ẹ mú x tí k lè pín láìṣẹ́kù.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe tuntun tó yẹ kó jẹ́ tuntun. Mo fẹ́ kí ìdáhùn jẹ́ 24. Mo mú àlékún ní 8, nítorí pé 8 pín 24. Mo mú ẹ̀dínwó ní ₦75. Gbogbo owó á wá jẹ́ 75 × 24 × 32 ÷ 8, ìyẹn 7200. Ìbéèrè náà rèé:

Ọ̀gbẹ́ni kan fi ₦7,200 ra abẹ́là. Ká ní wọ́n fi ₦75 dín owó abẹ́là kọ̀ọ̀kan kù fún un ni, owó yìí kan náà ì bá ra abẹ́là 8 sí i. Abẹ́là mélòó ló rà, èló ló sì ra ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Iṣẹ́ rẹ̀ ní kíkún nìyí, nítorí ìbéèrè tí a kò bá ṣe láti òkè dé ìsàlẹ̀ kò tíì tó gbé síwájú ọmọ. Ká sọ pé abẹ́là x ló rà. Owó ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 7200/x. Lẹ́yìn ẹ̀dínwó, ó jẹ́ 7200/(x + 8). ₦75 ló wà láàárín wọn, nítorí náà:

7200/x − 7200/(x + 8) = 75

A sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú x(x + 8):

7200(x + 8) − 7200x = 75x(x + 8)

57600 = 75(x² + 8x)

A pín ọ̀tún àti òsì sí 75:

x² + 8x − 768 = 0

Nọ́ńbà méjì tó máa fún wa ní 768, tí ọ̀kan fi 8 ju èkejì lọ, ni 32 àti 24:

(x + 32)(x − 24) = 0

x jẹ́ 24 tàbí −32. A ju −32 nù, a sì gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀: iye abẹ́là tí ènìyàn rà kò lè wà nísàlẹ̀ òdo. Abẹ́là 24 ló rà. Ó ra ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 7200 ÷ 24, ìyẹn ₦300. Ká yẹ̀ ẹ́ wò: 7200 ÷ 32 jẹ́ ₦225, ₦300 sì fi ₦75 jù ú lọ. Ó pé.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀, ibi yìí gan-an sì ni àwọn "yí nọ́ńbà padà" kì í dé rárá. Lẹ́yìn tí mo bá ti ṣe ìbéèrè lọ́nà tó tọ́, mo máa ń ṣe é láwọn ọ̀nà òdì tí mo mọ̀ pé àwọn ọmọ máa ń gbà. Ẹ padà sórí ìbéèrè ọṣẹ. Ọmọ kan tí kò lóye rẹ̀ rárá á pín 4800 sí 40, á rí 120. Á ní 120 ni owó ọṣẹ lẹ́yìn ẹ̀dínwó, láìsí ìdí kankan. Á pín 4800 sí 120, á rí 40. Á yọ 10, á kọ 30. Ó gbà á! Kò mọ nǹkan kan, ó sì gba máàkì ìdáhùn. Ohun tó fà á ni pé ₦40 tó jẹ́ ẹ̀dínwó bọ́ sí déédéé 40 tó jẹ́ iye ọṣẹ tí ì bá rà. Nígbàkígbà tí d bá ti dọ́gba pẹ̀lú x + k, ọ̀nà òdì yìí máa ṣiṣẹ́. Nínú ìbéèrè abẹ́là, d jẹ́ 75, x + k sì jẹ́ 32, nítorí náà ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn á rí 96, á rí 75, á sì kọ 67. Ó hàn kedere pé kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn tó ń gbèjà ọ̀nà kúkurú yìí á ní àkókò kò sí, kíláàsì pọ̀. Àkókò tí ẹ fi máa ronú ₦5,000 àti ₦50 náà ló tó láti fi ṣe ìsodipúpọ̀ ẹyọ kan. Mo gbà pé àwọn ìbéèrè kan wà tí wọn kì í janpata, bí èlé orí owó tàbí gígùn ẹ̀gbẹ́ ìgun mẹ́ta tí wọ́n ní ká kọ dé ojú kejì lẹ́yìn ààmì. Ṣùgbọ́n ibi tí ìdáhùn bá ti jẹ́ iye ènìyàn, iye ọjà tàbí iye ọjọ́, ẹ má dán an wò.

Mo ti fi ìbéèrè abẹ́là fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́. Àwọn kan kọ 32, àwọn kan kọ 67. Àwọn tó kọ 32 pe iye tí ì bá rà lẹ́yìn ẹ̀dínwó ní x, wọ́n sì gbàgbé láti yọ 8 kúrò. Kí wọ́n tún ìbéèrè kà dáadáa ni ìwòsàn tiwọn. Àwọn tó kọ 67 ni mo dá dúró lẹ́yìn lẹ́sìnnì, tí a sì padà sídìí bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ di ìdọ́gba, láti ìbẹ̀rẹ̀.