Ojú Kàsíà àti Ẹrù Amúkùn-ún

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Ẹsẹ̀ ló wọ́, igbá orí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, síbẹ̀ igbá ni gbogbo ọjà ń bú.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo tò sórí ìlà ní báńkì kan n'Íbàdàn. Bàbá àgbàlagbà kan wà níwájú mi. Wọ́n wo ọmọbìnrin tó jókòó sí káńtà àkọ́kọ́, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ẹ wo àtíkè lójú ọmọ yìí. Ṣé òde ìyàwó ló ń lọ ni?" Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ìlà fi gbé wa dé káńtà kejì. Ọmọ tó wà níbẹ̀ kò kun ohunkóhun. Bàbá kan náà ló tún ní, "Èyí ò tilẹ̀ tọ́jú ara rẹ̀. Àbí kò sùn lánàá ni?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo gan-an lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gba owó wọn, wọ́n lọ. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀, nítorí ọmọ àbúrò mi ló wá sí mi lọ́kàn.

Iṣẹ́ kàsíà lòun náà ń ṣe, ní báńkì mìíràn. Lọ́sẹ̀ tó kọ́kọ́ wọṣẹ́, ó fọ ojú, ó fi òrí pa á, ó lọ jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀, obìnrin bíi tèmi, pè é sí kọ̀rọ̀, ó ní ojú rẹ̀ ti ń rẹ àwọn oníbàárà, kó múra bí ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Nínú ìwé òfin tí wọ́n fún un lọ́jọ́ tó wọṣẹ́, wọ́n kọ aṣọ, wọ́n kọ bàtà, wọ́n kọ irun. Wọn ò kọ ojú. Ọmọ yìí lọ ra fáńdéṣọ̀n, ó ra àtíkè, ó ra ìtọ́tè àti pẹ́ńsùlù tí wọ́n fi ń ya ìpéǹpéjú. Ọjọ́ kẹta tó kun wọ́n lọ, ọ̀gá kan náà ní ó ti pọ̀ jù, ó ní ó jọ ti àwọn tó ń jáde lóru. Ó dín in kù. Wọ́n bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Mo lọ kí wọn lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ní kó ṣe é lójú mi bó ṣe máa ń ṣe é. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ló ń jí. Lọ́pọ̀ ìgbà kò ní sí iná, á tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Bí iná bá wà, gílóòbù kan ṣoṣo ló wà ní yàrá rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí epo. Ibẹ̀ ni ìdààmú ti bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ iná pípọ́n, awọ ara àti àtíkè á jọ pọ́n pọ̀, àwọ̀ wọn á papọ̀, èèyàn ò ní mọ̀ pé àtíkè tóun rà mọ́lẹ̀ ju ọrùn òun lọ. Bó bá wá dé inú báńkì, iná funfun gígùn ló wà lókè àjà. Ìpọ́n tó ń bo àṣírí ní yàrá ti lọ, àtíkè ọjọ́un á wá yọ lójú bí eérú. Èyí tó ní èròjà adènà-oòrùn nínú tún burú sí i, nítorí lẹ́búlẹ́bú funfun bíi síńkì tó wà nínú rẹ̀ máa ń hàn ketekete lára awọ dúdú.

Ooru tún wà ńbẹ̀. Láti ilé rẹ̀ dé ibi iṣẹ́, ó ń wọ Máíkírà, èèyàn mẹ́ta á há mọ́ra lẹ́yìn, òógùn á bo gbogbo wọn. Bó bá dé ibẹ̀, á wo dígí, á rí i pé ojú òun ń dán, á bu àtíkè lé òógùn náà lórí. Òógùn, òróró ara àti àtíkè á wá di ẹ̀kọ, á lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ imú àti abẹ́ ojú. Tó bá fi di aago mọ́kànlá, ojú rẹ̀ á rí bíi pé ó fi ṣíbí bu àtíkè sí i, bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ló fi kúrò nílé. Ohun tí ọ̀gá ń pè ní àpọ̀jù, iná àti òógùn ló fà á. Àtíkè kò pọ̀.

Mo ní kó máa dán fáńdéṣọ̀n wò lẹ́nu ọ̀nà, nínú ìmọ́lẹ̀ ọjọ́, kó fi sí ibi tí àgbọ̀n ti pàdé ọrùn, kó ṣe bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó pinnu bóyá àwọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Mo ní bó bá dé ibi iṣẹ́, kó kọ́kọ́ fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ òógùn kúrò, kó má nù ún, kó tó fi àtíkè díẹ̀ kàn án. (Àwọn ìyá kan gbà á nímọ̀ràn pé kó jáwọ́ nínú gbogbo rẹ̀, kó máa lé tìróò nìkan bíi tàtijọ́. Mo kọ̀. Púpọ̀ nínú tìróò ọjà, òkúta òjé ni wọ́n lọ̀, òjé sì ń ṣe ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ ní jàǹbá.) Ọmọ náà ṣe bí mo ṣe wí. Ojú rẹ̀ gún régé. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n fi sinmi. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n ní ìtọ́tè pupa ń pariwo. Nígbà tó lo aláwọ̀ ilẹ̀, wọ́n ní ó dà bí ẹni tí kò jẹun.

Mo wá mọ̀ pé igbá la ti ń tún gbé láti ọjọ́ yìí. Ẹsẹ̀ kò gún.

Àwọn kan á ní àṣejù, baba àṣeté. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa pe nǹkan ní àṣejù gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tí ìwọ̀n parí sí, ẹnì kankan nínú wọn kò sì sọ ọ́ rí. Bí wọn ò bá sọ ọ́, ojoojúmọ́ ni obìnrin á máa jẹ̀bi.

Kò mọ sílẹ̀ yìí o. Lọ́dún 1982, ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá orúkọ Ann Hopkins láti di ọ̀kan nínú àwọn alábàáṣepọ̀ tó ni ilé iṣẹ́ ìṣirò owó Price Waterhouse. Èèyàn méjìdínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n dá orúkọ wọn lọ́dún náà, òun nìkan ni obìnrin. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ó ti bá wọn gba iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́ ìjọba. Wọn ò mú un. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá sọ fún un pé bó bá fẹ́ kó ṣeé ṣe, kó máa rìn bí obìnrin, kó máa sọ̀rọ̀ bí obìnrin, kó kunjú, kó ṣe irun, kó wọ ohun ọ̀ṣọ́. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Lọ́dún 1989, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ níbẹ̀ sọ pé ẹni tó bá fi àwòrán obìnrin tó wà lọ́kàn rẹ̀ ṣèdájọ́ òṣìṣẹ́, ó ń fi ìyẹn yà á sọ́tọ̀ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, adájọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n sọ ọ́ di alábàáṣepọ̀.

Èèyàn á rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ gbọ́ ti Darlene Jespersen. Ó ti ń ta ọtí fún nǹkan bí ogún ọdún nínú ilé tẹ́tẹ́ Harrah's ní ìlú Rínò, ní Amẹ́ríkà kan náà, àwọn oníbàárà sì ń yìn ín. Lọ́dún 2000, wọ́n ṣe òfin tuntun pé gbogbo obìnrin tó ń ta ọtí gbọ́dọ̀ kun àtíkè, kí wọ́n kun ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí wọ́n kun ìpéǹpéjú, kí wọ́n sì tọ́tè. Ti ọkùnrin ni pé kí irun orí wọn mọ níwọ̀n, kí èékánná wọn mọ́. Obìnrin yìí ní òun ò lè ṣe é, pé bí òun bá kunjú, àwọn ọ̀mùtí kò ní bẹ̀rù òun mọ́. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà pè wọ́n lẹ́jọ́. Lọ́dún 2006, adájọ́ méje dá a lẹ́bi, mẹ́rin dá a láre. Ohun tó jẹ́ kó pàdánù ni pé kò mú ẹ̀rí iye owó àti àkókò tí kíkunjú ń gbà wá sí kóòtù, àwọn adájọ́ náà sì kọ̀ láti gbà pé ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ̀ mí lákínyẹmí ara nìyí. Mo ní kí ọmọ àbúrò mi gbé ìwé wá, ká ṣírò tirẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjìdínláàádọ́ta lọ́dún bí a bá yọ ìsinmi kúrò. Ó jẹ́ ọgọ́jọ wákàtí. Bí a bá pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ oníwákàtí mẹ́jọ, ó jẹ́ ogún ọjọ́. Ogún ọjọ́ iṣẹ́ lọ́dún tí ẹnikẹ́ni kò san, tí ọkùnrin tó jókòó sí káńtà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi ń sùn! Owó tó ń ná lé e lórí lóṣù sì ju owó mọ́tò rẹ̀ lọ. Ó ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé báyìí: ọjọ́ tí wọ́n bá a wí, ohun tí wọ́n sọ gan-an, ohun tó kùn lọ́jọ́ náà, rìsíìtì ohun tó rà. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọbìnrin tó bá wà nínú irú rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá wá ni mo dojú kọ. A ní kí ẹ jẹ́ ká jẹ èkuru kó tán, ẹ tún ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Ẹ ní kí wọ́n má ṣàṣejù, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá kunjú jùlọ lẹ̀ ń gbé síwájú nígbà tí àlejò láti Èkó bá ń bọ̀. Ẹ ní ìwà lẹwà, ẹ sì ń kọ́wọ́ bọ ìwọ̀n iṣẹ́ ọmọlọ́mọ nítorí ètè. Èyí tó dùn mí jù ni ẹ̀yin obìnrin inú wọn. Ẹ ti jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ rí. Wọ́n ti fi olóṣó pè yín rí, wọ́n ti fi aláìsàn pè yín rí, ẹ sọkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ báńkì. Kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí àga kàn yín lẹ di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn?

Virgin Atlantic, tó ń gbé wa láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, sọ fún àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òfurufú wọn lọ́dún 2019 pé kíkunjú kì í ṣe dandan mọ́. Ọkọ̀ wọn ṣì ń fò. Bí ó bá jẹ́ dandan lọ́dọ̀ tiyín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ohun tí wọ́n máa kùn àti ibi tó máa mọ. Ẹ ra á, kí ẹ sì ka ogójì ìṣẹ́jú yẹn mọ́ àkókò iṣẹ́. Bí ojú bá ń tì yín láti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ẹnu kúrò lójú ọmọ ọlọ́mọ.

Ìbéèrè kan péré ni ọmọ àbúrò mi kọ sínú lẹ́tà tó fún ọ̀gá rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ẹ fẹ́ kí n kùn, kí sì ni ẹ kò fẹ́?" Ó ti di ọ̀sẹ̀ kẹta tí lẹ́tà náà ti wà lórí tábìlì yín, mà. Ẹ dá a lóhùn.