Ká Kọ́kọ́ Lé Akátá Jìnnà

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Bí owó bá ṣẹ́kù sí ọlọ́jà lọ́wọ́ nígbà tí gbèsè ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, èlé ni akátá, owó kọ́púrétíìfù sì ni adìẹ. Ṣùgbọ́n akátá mìíràn wà tó ti jẹ ẹran tán kí a tó mú ọ̀pá. Ìyẹn ló yẹ ká mọ̀ yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá onígààrí kan lọ́jà Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó yá ₦300,000 ní báǹkì kékeré fún oṣù 12, náírà 3 lórí ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Orí ₦300,000 yẹn ni wọ́n ń ṣírò èlé sí títí dópin: ₦25,000 ojú owó, ₦9,000 èlé, àpapọ̀ ₦34,000 lóṣù. Lẹ́yìn oṣù 6, ojú owó ti di ₦150,000, síbẹ̀ èlé kò fi kọ́bọ̀ kan dín. Lóṣù tó kẹ́yìn, ₦25,000 péré ló kù, ₦9,000 náà ni wọ́n ṣì ń gbà lórí rẹ̀.

Ká ní ₦150,000 wà lọ́wọ́ ìyá yìí lẹ́yìn oṣù 6. Kó lọ bi báǹkì pé: “Bí mo bá san án tán lónìí, èló ni?” Bí wọ́n bá ní ₦150,000, kó san án kíá. Kó wá máa gbé ₦34,000 tí ì bá máa san lóṣooṣù lọ sí kọ́púrétíìfù. Nígbà tí oṣù 12 bá pé, ₦204,000 ló ti wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ₦150,000 ló kó síbẹ̀, tí ẹgbẹ́ sì pín èrè náírà 10 lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún, èrè ìlàjì ọdún kò ju ₦7,500 lọ.

Bí báǹkì bá ní ₦204,000, wọ́n ti ka gbogbo èlé tó kù mọ́ ọn nìyẹn. Kò sí ohun tí yóò jèrè nínú ìkánjú. Kó máa san án lóṣooṣù, kó sì kó ₦150,000 sí kọ́púrétíìfù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn san díẹ̀ síwájú, kí báǹkì kọ ọ́ sílẹ̀ bí owó oṣù tó ń bọ̀. Ojú owó kò dín nípa bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìṣirò tuntun hàn yín kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Kọ́púrétíìfù náà ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn gba owó ìfipamọ́ jáde láìfún wọn ní ìwé ṣáájú. Nítorí náà, owó aṣọ ẹgbẹ́ fún Ojúde Ọba, tàbí owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra gààrí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò yẹ níbẹ̀.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá san gbèsè tán, ẹ gba ìwé pé ẹ ò jẹ wọ́n mọ́, kẹ́ ẹ sì gba ìwé oníduró yín padà.